Mílíọ̀nù 3 lóṣù fún ẹnìkọ̀ọ̀kan: níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Mo ní ilé ìtajà ajílẹ̀, oògùn koríko àti irúgbìn àgbàdo ní ìtòsí ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo. Àwọn mẹ́rin ló ń fi alùpùpù bá mi tajà lọ sí oko: ọ̀kan ní ọ̀nà Ìràgbìjí, ọ̀kan ní ọ̀nà Ìkìrun dé Òkukù, ọ̀kan ní Ìlobùú àti Ìfọ́n, ọ̀kan ní Ẹdẹ. Mo gé tágẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù 3 náírà lóṣù fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń san owó oṣù ₦70,000 àti owó epo, mo sì ń san kọmíṣọ̀n ìdá 3 nínú 100 lórí ohunkóhun tí wọ́n bá tà. Ọjà ń jáde, ṣùgbọ́n owó kò dúró lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ náà sì ń kùn pé mò ń rẹ́ àwọn jẹ. Kí ni kí n yí padà?

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Ẹ gbé àpò ajílẹ̀ kan kalẹ̀ kí ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí. Ká ní ẹ ń tà á ní ₦40,000, tí gbogbo ohun tí ẹ ná lé e lórí títí ó fi dé Ìgbọ̀nà jẹ́ ₦38,400. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦1,600. Orí ₦40,000 ni ẹ ti ń yọ kọmíṣọ̀n, kì í ṣe orí ₦1,600, nítorí náà ₦1,200 ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tà á, ₦400 ló kù fún yín. Nínú ₦400 yẹn ni ẹ ó ti san alábàárù, epo, owó oṣù àti owó ilé. Ẹni tó ń bá yín tajà ló ni èrè, ẹ̀yin ni ẹ ń bá a tọ́jú àpò.

Ẹ wá wo oògùn koríko. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦6,000, tí èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦900, ₦180 péré ni ọmọ yín ń rí níbẹ̀. Kó tó rí ₦1,200 tí àpò ajílẹ̀ kan ń fún un, ó gbọ́dọ̀ ta lítà bíi méje. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, yóò wo irú koríko tó wà lóko, yóò sọ ìwọ̀n tó yẹ kí àgbẹ̀ dà sínú pọ́ǹpù lítà 16, yóò sì kìlọ̀ fún un pé kó má fín in nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ajílẹ̀ kò ní àlàyé kankan nínú. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, iye rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí alùpùpù yẹn, ajílẹ̀ ni èmi náà yóò máa tà láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo ti lo ọdún 14 lẹ́nu òwò yìí, mo sì fi mẹ́fà nínú rẹ̀ darí àwọn tó ń tajà lóko fún ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àṣìṣe kan náà la ṣe. Ọdún kan gbáko ni a fi ń yọ̀ pé ọjà ń jáde.

* * *

Akọ̀wé Owó

Ìṣirò Ìyá dára, àmọ́ ibi tí owó ti ń jò gan-an ni owó oṣù. Mẹ́rin lọ́nà ₦70,000 jẹ́ ₦280,000 lóṣù kan, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ẹ fagi lé owó oṣù pátápátá, kí ẹ sọ kọmíṣọ̀n di ìdá 5, kí ẹ sì máa san án lórí owó tó bá ti wọ báǹkì nìkan. Ẹni tó bá tajà yóò jẹun, ẹni tí kò bá tà yóò wá iṣẹ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí mo ti ń bá wọn ṣe ìwé owó, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù.

* * *

Ọmọ Ọ̀nà Oko

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, lórí pé kí kọmíṣọ̀n dúró de owó tó wọlé, mo gbà pẹ̀lú yín. Lórí owó oṣù, mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí èmi ni wọ́n ṣe é fún.

Ilé ìtajà kan ní ìpínlẹ̀ yìí gbà mí síṣẹ́ lórí kọmíṣọ̀n lásán. Láti oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹfà, mo jẹun dáadáa. Ní oṣù Kẹjọ, òjò dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo jẹ gbèsè. Ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ọjà tún yọjú fún gbígbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Láti àárín oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, bí ẹ gbé oògùn koríko lọ fún àgbẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, yóò bi yín pé koríko dà. Ta ló ń ra fóònù ní àsìkò kan kí ó má rà á ní àsìkò mìíràn?

Ohun tí mo wá ṣe kò yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ mi níbí. Mo gba oògùn lọ́wọ́ ilé ìtajà mìíràn, mo ń gbé e sínú àpò kan náà pẹ̀lú ti ọ̀gá mi, èyí tí kọmíṣọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù ni mo ń fà yọ níwájú àgbẹ̀. Ọ̀gá mi ló kọ́ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn láti gbà mí lálejò, ṣùgbọ́n ọjà ẹlòmíràn ni mò ń tà fún wọn.

* * *

Bàbá Kòkó

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, inú sì bí mi. Ẹ ń san ₦1,200 lórí àpò ajílẹ̀ kan fún ọmọ tó kàn gun alùpùpù, kí ẹ sì wá máa bi ara yín pé kí ló dé tí ajílẹ̀ fi wọ́n. Kí ló dé tí ẹ kò yọ ₦1,200 náà kúrò lórí iye tí àgbẹ̀ ń san? Èmi ní oko kòkó ní apá Iléṣà. Oògùn tí à ń fín sí kòkó kí ó má jẹrà dúdú, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá ni mo nílò rẹ̀, ẹnì kan kò sì gbé e wá bá mi rí. Ẹ ń lé ẹni tó ń gbin àgbàdo kiri.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Bàbá, ìbéèrè ẹni yìí kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ti fi nǹkan kan hàn wá láìmọ̀. Oko kòkó ń ra oògùn ní oṣù tí oko àgbàdo ti parí tirẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá ní kòkó lórí, iye tí a ó gé fún oṣù Keje àti Kẹjọ níbẹ̀ kò ní dà bíi ti ọ̀nà Ẹdẹ. Mílíọ̀nù 3 lóṣooṣù, ní gbogbo ọ̀nà, láti oṣù Kíní dé oṣù Kejìlá, dà bí ìgbà tí a bá dá aṣọ kan náà fún ọmọ mẹ́rin láìwọn ẹnìkankan.

Ọmọ Ìgbọ̀nà, ẹ bá mi ṣe iṣẹ́ kan. Ẹ mú ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ jókòó ti ẹni tó ń rìn ín, kí ẹ ka àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ lórúkọ lórúkọ, iye éékà àgbàdo tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gbìn, àti mélòó nínú wọn ló ń rà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fojú bù ú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ìwé yín láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹfà tó kọjá, kí ẹ ya èyí tí àgbẹ̀ san owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà lọ́wọ́ alágbàtà ní àwìn.

* * *

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Ó gba ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀nà Ìràgbìjí ni mo mú. Àgbẹ̀ 180 ló ní àgbàdo níbẹ̀, éékà méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbìn. Ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń rà lọ́wọ́ wa, àwọn yòókù ń rà ní ọjà tàbí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn.

Ìwé mi wá dẹ́rù bà mí. Ẹni tó wà ní ọ̀nà náà ta ọjà tó lé ní mílíọ̀nù 11 náírà láàárín oṣù mẹ́rin, mo sì ti san kọmíṣọ̀n gbogbo rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 4 tó wà lọ́wọ́ alágbàtà méjì ní àwìn. Àpò 40 nínú rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹfà, lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Àwọn àpò yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ní oṣù Kẹjọ, alágbàtà náà dá 31 padà. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ló tò wọ́n sí, omi gun ìdí wọn. Mo fi ọwọ́ kan èyí tó wà nísàlẹ̀, ó le bíi búlọ́ọ̀kù. Ìyá tó ń bá mi gbálẹ̀ fi ọmọ odó lu ọ̀kan kó tó fọ́, èérún rẹ̀ sì ti ń yọ omi. Ìdajì iye rẹ̀ ni mo ta wọ́n fún àwọn oníkòkó. Kọmíṣọ̀n àpò 40 yẹn jẹ́ ₦48,000, ọmọ náà sì ti fi ra táyà.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ kà wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀nà Ìràgbìjí lé òṣùwọ̀n.

Àgbẹ̀ 180 lọ́nà éékà méjì jẹ́ éékà 360. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó ń rà lọ́wọ́ yín jẹ́ éékà 120. Bí éékà kan bá gba oògùn koríko lítà kan ààbọ̀, lítà 180 nìyẹn. Éékà kan ń gba irúgbìn kílò 8, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn àgbẹ̀ yìí yóò gbin èyí tí wọ́n kó lóko lọ́dún tó kọjá, nítorí náà kílò 480 ni kí a fi ọkàn sí, kì í ṣe 960. Lórí ajílẹ̀, a máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lo àpò méjì NPK àti àpò kan yúríà sí éékà kan. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé àpò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí owó rẹ̀, nítorí náà àpò 120.

Bí ajílẹ̀ bá jẹ́ ₦40,000, tí lítà oògùn jẹ́ ₦6,000, tí kílò irúgbìn jẹ́ ₦2,500, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦7,080,000 fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀yin sì gé mílíọ̀nù 12 fún un. Ọjà tí kò sí lóko ni ẹ ní kó lọ tà, ó sì wá ibi tà á sí: ó gbé e fún alágbàtà. Mílíọ̀nù 4 tó wà ní àwìn yẹn ni àlàfo tó wà láàárín ohun tí oko lè rà àti mílíọ̀nù 11 tó tà, kò fi bẹ́ẹ̀ lé, kò fi bẹ́ẹ̀ dín.

Ibi tó burú jù ló kù. Èrè orí ọjà ₦7,080,000 yẹn, bí ajílẹ̀ bá ń fún yín ní ìdá 4 nínú 100, tí oògùn ń fún yín ní 15, tí irúgbìn ń fún yín ní 18, jẹ́ ₦570,000. Ẹ yọ owó oṣù mẹ́rin kúrò, ₦280,000. Ẹ yọ epo, ká sọ ọ́ ní ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16, ₦160,000. Ẹ yọ kọmíṣọ̀n ìdá 3, ₦212,400. Ẹ ti jẹ gbèsè ₦82,400 lórí ọ̀nà náà kí ẹ tó san owó ilé, bí gbogbo àgbẹ̀ bá tilẹ̀ sanwó lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà Ìràgbìjí nìkan kò lè bọ́ ẹnì kan.

* * *

Akọ̀wé Owó

Ó ti wá yé mi. Nígbà náà, kò sí ohun tí a lè ṣe sí kọmíṣọ̀n tí yóò mú ọ̀nà yẹn jèrè. Bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́ di òfo, ₦130,000 ló kù fún oṣù mẹ́rin.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Ó rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi máa ń wọn ọ̀nà kí n tó sọ̀rọ̀ tágẹ́ẹ̀tì. Ìràgbìjí àti Ìkìrun kò jìnnà síra. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mú ọ̀nà méjèèjì. Bí ọ̀nà Ìkìrun bá rí bíi ti Ìràgbìjí, èrè di ₦1,140,000 fún oṣù mẹ́rin, owó oṣù ṣì jẹ́ ₦280,000, epo gòkè sí ₦240,000 nítorí ìrìn pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ẹ fi ìdá nínú 100 sílẹ̀, kí ẹ máa san iye náírà kan pàtó lórí ohun tí a fojú rí: ₦200 lórí àpò ajílẹ̀, ₦180 lórí lítà oògùn, ₦100 lórí kílò irúgbìn. Lórí ọ̀nà méjèèjì, àpò 240, lítà 360 àti kílò 960 yóò fún un ní ₦208,800. Lábẹ́ ètò àtijọ́, ọ̀nà kan ìbá fún un ní ₦212,400. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wá ti yí padà. Lítà oògùn kò yí padà rárá, irúgbìn gòkè láti ₦75, àpò ajílẹ̀ ló já láti ₦1,200 sí ₦200. Ẹ̀yin náà yóò rí ₦411,200 níbi tí ẹ ti ń jẹ gbèsè.

Mo fẹ́ràn náírà lórí lítà nítorí ọmọ lè ka owó rẹ̀ lórí ìka ọwọ́ nígbà tó bá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ètò tí ẹni tó ń tajà kò bá lè ṣírò fúnra rẹ̀, yóò máa fura sí i ni, àní bó bá tilẹ̀ ṣe é lóore.

* * *

Akọ̀wé Owó

Níbí ni èmi kò ti gbà. Iye ọjà ń gòkè lójoojúmọ́. Bí oògùn bá di ₦9,000 ní oṣù Kẹsàn-án, ₦180 rẹ̀ ti di yẹpẹrẹ, àwọn ọmọ yóò sì tún kùn. Ìdá nínú 100 lórí èrè ló ń tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ sọ pé ìdá 18 lórí èrè, ó parí.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Òótọ́ ni pé náírà máa ń rọ, mo sì máa ń tún un gé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé àti kí gbígbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bẹ̀rẹ̀, mi ò kí ń ṣe é láàárín àsìkò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá san lórí èrè, ẹ ní láti fi iye tí ẹ fi ra ọjà han ọmọ tó ń tà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní ọdún yìí lè ṣílẹ̀kùn ilé ìtajà tirẹ̀ ní ọ̀tún ilé yín ní ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ kò bá sì fi hàn án, kò ní gbà yín gbọ́. Ẹ yan èyí tí ẹ bá lè gbé.

* * *

Ọmọ Ọ̀nà Oko

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé kò rí. Ọ̀nà méjì fún ẹnì kan jẹ́ àgbẹ̀ 360. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ mẹ́jọ lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ogójì ni lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni kí n tó yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan. Oògùn tí wọ́n ń fín kí àgbàdo tó hù kò ní dúró dè mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

O sọ òótọ́, ọmọ mi. Kò ní lè dé oko gbogbo wọn. Ọjọ́ ọjà ni kó máa dúró, kó rí ogún lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fi ọjọ́ yòókù dé ọ̀dọ̀ àwọn 120 tó ń rà. Àwọn tí kò tíì rà yóò gba ọdún mìíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó tan ọjà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lọ́dún kan, mi ò mọ bí yóò ṣe ṣeé ṣe lórí alùpùpù kan.

Tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ náírà lóṣooṣù mọ́. Kó tẹ̀lé oko. Oògùn ló kọ́kọ́ ń jáde, ní oṣù Kẹta àti Kẹrin. Irúgbìn ń tẹ̀lé e. NPK ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn, yúríà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Bí ẹ bá rí i ní àárín oṣù Kẹrin pé lítà tó jáde kò tó ìdajì 360, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà náà, nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe. Lábẹ́ mílíọ̀nù 3, ajílẹ̀ oṣù Karùn-ún ni yóò bo ìtìjú oògùn oṣù Kẹrin mọ́lẹ̀.

Kọmíṣọ̀n kò gbọdọ̀ dúró de tágẹ́ẹ̀tì, láti orí lítà àkọ́kọ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ₦30,000 sílẹ̀ ní ìparí àsìkò fún ẹni tó bá pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe nínú ajílẹ̀ nìkan.

* * *

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Àwìn ńkọ́? Àgbẹ̀ tí kò tíì kórè kò ní owó. Bí mo bá ní kí wọ́n má ta àwìn, ìdajì ọjà mi lọ nìyẹn.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Ẹ má sọ pé kí wọ́n má tà á, ẹ jẹ́ kó kan àpò wọn. Owó tó bá wọlé láàárín ọjọ́ 14, kọmíṣọ̀n rẹ̀ pé. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn títí di ọjọ́ 45, ìdajì. Èyí tó bá kọjá ọjọ́ 45, òfo, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba owó oṣù rẹ̀ dípò gbèsè àgbẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá lọ pẹ̀lú ìwé àwọn tó jẹ yín lówó. Èyí tí àgbẹ̀ máa san lẹ́yìn ìkórè, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fọwọ́ sí i, pẹ̀lú orúkọ àti iye éékà, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjà tí a bá dá padà, ẹ yọ kọmíṣọ̀n rẹ̀ nínú ti oṣù tó tẹ̀lé e. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe sọ ọ́ ní ọjọ́ tí àpò bá padà dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí lítà. Ẹ má ṣe san iye kan náà lórí gbogbo oògùn láìwò ó. Ẹnì kan lára àwọn tí mo darí ta 2,4-D fún àgbẹ̀ kan tó gbin ẹ̀gúsí sáàárín àgbàdo, torí oògùn náà ni kọmíṣọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù lóṣù yẹn. Àgbàdo dúró, ewé ẹ̀gúsí lọ́ pọ̀ bí ìgbà tí iná rà á, kò sí ọ̀kankan tó so. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, gbogbo abúlé náà ló ti gbọ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn irú èyí kàn wá tó sì jẹ́ òótọ́, kọmíṣọ̀n ọjà náà kì í sí. Ẹ sì yọ paraquat àti atrazine kúrò nínú ìwé kọmíṣọ̀n yín bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀. Àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù Kíní ọdún 2024, atrazine sì tẹ̀lé e ní oṣù Kíní ọdún 2025.

* * *

Ọmọ Ọ̀nà Oko

Ẹ má tíì parí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí mo lọ bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní Ìkìrun, tó wá wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo lọ ra lítà mẹ́wàá ní ilé ìtajà, ta ló ni kọmíṣọ̀n rẹ̀? Ọ̀gá mi àtijọ́ máa ń sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n máa bọ̀ tààrà, òun yóò yọ ₦200 fún wọn lórí lítà kan. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọjà ẹlòmíràn.

* * *

Akọ̀wé Owó

Ẹni tó gba owó ni kó ni ín. Ilé ìtajà ló gba owó.

* * *

Ìyá Alájílẹ̀

Rárá o. Bí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ náà bá wà nínú ìwé ọmọ, tí ó sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 60, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn tí wọn kò rí rí sínú ìwé. Èmi máa ń pe àgbẹ̀ márùn-ún lóṣù láti inú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń béèrè ìgbà tí ọmọ wá. Kò dí gbogbo ihò.

* * *

Ọmọ Ìgbọ̀nà

Mo pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fi ìṣirò ọ̀nà Ìràgbìjí hàn wọ́n lórí pátákó. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ gé owó wọn ni. Nígbà tí wọ́n fúnra wọn ṣírò ₦208,800, méjì gbà, ẹni tó wà ní Ẹdẹ ní òun yóò rò ó.

Ẹni tó ń lọ sí Ìkìrun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú, torí mo ti so ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ti Ìràgbìjí. N kò fẹ́ dá a dúró. Mo fún un ní àwọn alágbàtà gbogbo ọ̀nà, kó máa gba gbèsè wọn, kó sì máa gbé ọjà fún ẹni tó bá ti san ti tẹ́lẹ̀ tán. Mo sọ pé n ó san ₦100 lórí àpò tí alágbàtà bá san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí ni òun yóò gbà lórí mílíọ̀nù 4 tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ fún òun láti gbà padà. N kò tíì rí èsì fún un. Bí ẹ bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ iye tí ẹ san.